Ẹ Ní Kó Tutù

Àmàlà kan pẹ̀lú ṣàkì mẹ́ta ni owó iṣẹ́ tí àǹtí mi san fún mi. Ó ní ilé oúnjẹ ní Ìbàdàn, lọ́yà rẹ̀ sì ti bá a kọ ìwé àdéhùn pẹ̀lú ìyá tó ń kó ẹja àti ẹ̀fọ́ wá fún un. Gẹ̀ẹ́sì ni lọ́yà fi kọ ọ́. Ìyá ẹlẹ́ja ní òun kò ní í fọwọ́ sí ohun tí òun kò lè kà. Yorùbá lòun ń kà, Bíbélì lòun sì fi kọ́ ọ. Mo ní kí wọ́n gbé e wá, ṣebí ojú ìwé méjì péré ni.

Gbólóhùn kan ló kó bá mi. Lọ́yà ní kí ẹja àti ẹ̀fọ́ jẹ́ fúrẹ́ẹ̀ṣì, kí wọ́n sì máa dé ní ọjọ́ mẹ́rin mẹ́rin. Mo kọ ọ́ báyìí: "Ẹja àti ẹ̀fọ́ gbọ́dọ̀ tutù, kí wọ́n sì máa dé ní ọjọ́ mẹ́rin mẹ́rin, kí agogo mẹ́fà àárọ̀ tó lù." Mo kà á sókè lẹ́ẹ̀mejì, ó dùn létí mi. Mo bá ṣàkì mi lọ.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, ilẹ̀ kò tíì mọ́ tán tí fóònù mi fi dún. "Ìwọ ògbufọ̀, wá wo iṣẹ́ ọwọ́ rẹ."

Mo bá ìyá ẹlẹ́ja ní ẹ̀yìnkùlé, ó fọwọ́ mú ìbàdí. Àǹtí mi gbé ẹja àrọ̀ kan jáde látinú àpò, ó jù ú sílẹ̀. Gbàù! Bí òkúta ló ṣe dún. Ata ẹja àrọ̀ ni wọ́n fi mọ ilé oúnjẹ yìí: inú ọpọ́n omi ni ẹja wà, oníbàárà á nàka sí èyí tó wù ú, wọn á pa á lójú rẹ̀. Ta ni yóò wá nàka sí òkú inú yìnyín?

"Ẹ bá mi kà á," ni ìyá wí. "Kí lẹ kọ síbẹ̀? Ẹ ní kó tutù. Akọ̀wé, fọwọ́ kàn án. Kò tutù?"

Mo fọwọ́ kàn án. Ó tutù dé egungun mi.

Ti ẹ̀fọ́ tún burú jù. Láti alẹ́ ni ìyá ti da omi sí ṣọkọ, kó lè tutù dáadáa, ó wá dì í mọ́ inú àpò ọ̀rá. Ewé tó rin, tí wọ́n dì pọ̀ nínú ooru, kì í pẹ́ bàjẹ́. Nígbà tí mo ki ọwọ́ bọ àárín ìdì náà, ó ti gbóná, ó ti ń yọ̀. Kílò la sì fi ń rà á, owó omi la san!

Bẹ́ẹ̀, ìyá kò purọ́. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yìí ló ń ṣe iṣẹ́ mẹ́rin fún wa. Omi inú fíríìjì tutù, aṣọ tí òjò pa tutù, ẹran tí a kò tíì sè tutù, ewé tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ já náà tutù. Ìkẹrin ni mo ní lọ́kàn. Ìyá mú ìkíní fún ẹja, ó mú ìkejì fún ẹ̀fọ́. Ìkẹta nìkan la kò tíì jà sí.

A ṣì ń jiyàn lọ́wọ́ nígbà tó di Ọjọ́bọ̀, ìyá tún gbé ẹrù dé. Àǹtí mi figbe ta: "Ọjọ́ Ẹtì la ń retí yín!" Ìyá ka ìka rẹ̀: Ajé, Ìṣẹ́gun, Ọjọ́rú, Ọjọ́bọ̀. Ọjọ́ mẹ́rin pé. Bí wọ́n ṣe ń ka ọjọ́ ọjà nìyẹn, wọ́n á ka ọjọ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn. Ohun tí lọ́yà ń pè ní mẹ́rin, ọrún làwọn baba wa ń pè é. Ọmọ Ìbàdàn ni mí, n kò rántí kọ "ọrọọrún"!

Mo tún un kọ, láìgba ṣàkì. Ọ̀rọ̀ "tutù" kò sí níbẹ̀ mọ́. "Láàyè ni ẹja àrọ̀ gbọ́dọ̀ wà, kó máa mira nígbà tí wọ́n bá sọ ọ́ kalẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé. Ẹ̀fọ́ tí wọ́n já ní ìrọ̀lẹ́ àná ni kí wọ́n kó wá, láìwọ́n omi sí i, kí igi rẹ̀ sì dá páú bí a bá ṣẹ́ ẹ." Titus nìkan ni mo gbà kó wà nínú yìnyín, torí inú yìnyín náà ló ti ń bọ̀ láti òkè òkun. Mo ní kí ojú rẹ̀ má ṣáà jìn wọnú, kí ara rẹ̀ sì padà sípò bí a bá fi ìka tẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn tí yìnyín bá yọ́.

Ní ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, ìyá dé pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì ńlá kan tí wọ́n gé orí rẹ̀. Bó ṣe sọ ọ́ kalẹ̀ ni àrọ̀ kan fò jáde, ó gbá mi létí, ó sáré wọ abẹ́ ààrò. Mo dọ̀bálẹ̀ lé e, mo dì í mú, ó yọ̀ bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́.

Ìyá ẹlẹ́ja bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó yọ ìwé àdéhùn àti bírò láti inú gèlè rẹ̀.

"Akọ̀wé, ṣé ó ń mira?"

"Ó ń mira, mà."

"Fọwọ́ sí i."