Kí o tó kọ lẹ́tà nípa máàkì ìntígíréṣọ̀n tí o pàdánù

Ọdún kìíní ni mo wà ní ilé ìwé gíga kan ní Ìlọrin nígbà tí wọ́n dá ìwé tẹ́ẹ̀sì ìṣirò padà fún wa. Máàkì 11 nínú 20 ni mo gbà. Mo ti kàwé fún tẹ́ẹ̀sì yẹn gan-an, nítorí náà ó dùn mí. Nígbà tí mo yẹ ìwé náà wò, ìbéèrè kejì ni mo rí pé ó gba máàkì lọ́wọ́ mi jù: apá (a), 1 nínú 5, apá (b), 2 nínú 5.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, nínú yàrá mi ní Tanke, mo kọ lẹ́tà sí olùkọ́ wa. Mo kọ ọ́ pé wọ́n rẹ́ mi jẹ, pé kí wọ́n tún gbogbo ìwé mi máàkì láti orí dé ìdí. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé n kò fi ránṣẹ́. Nígbà tó di Sátidé, mo wọ ọkọ̀ lọ sí Àjàṣẹ́-Ìpo lọ́dọ̀ àǹtí mi kan tó ń kọ́ àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì ní ìṣirò, mo sì mú ìwé tẹ́ẹ̀sì àti lẹ́tà náà dání.

Wọ́n ka lẹ́tà yẹn tán, wọ́n gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́. Wọ́n ní, "Má tíì sọ fún mi pé ẹnì kan rẹ́ ọ jẹ. Gba bíírò, kí o difẹrẹ́ńṣíéètì ohun tí o kọ. Tó bá gbé ọ padà sí ìbéèrè, a jẹ́ pé o rí ọ̀rọ̀ sọ."

Ìbéèrè (a) nìyí:

∫ sin x cos x dx

Ohun tí mo kọ ni −¼ cos 2x + C. Ẹni tó máàkì fa ìlà pupa lé e, ó sì kọ ½ sin² x + C sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Mo difẹrẹ́ńṣíéètì tèmi: −¼ cos 2x di ½ sin 2x, ½ sin 2x sì ni sin x cos x gan-an. Ó gbé mi padà sílé. Àmọ́ nígbà tí mo ṣe ti ẹ̀gbẹ́ ìwé náà, òun náà padà sí sin x cos x. Ẹnu yà mí, nítorí pé tí o bá fi 0 sí ipò x, ½ sin² x á fún ọ ní 0, tèmi á sì fún ọ ní −¼. Báwo ni méjèèjì ṣe lè tọ̀nà?

Àǹtí mi ní kí n rántí pé cos 2x = 1 − 2 sin² x. Tí o bá fi èyí sínú ìdáhùn mi, ó di −¼ + ½ sin² x. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín àwa méjèèjì kò ju −¼ lọ, nọ́ńbà lásán tí x kò sí nínú rẹ̀, C sì ti gbé e mì. Ìdí tí a fi ń kọ C nìyẹn. Ibi tí ẹnì kan bá gbà wọ inú ìntígíréṣọ̀n báyìí ló máa ń pinnu ojú tí ìdáhùn rẹ̀ máa ní: ẹni tó fi u pààrọ̀ sin x á bá ½ sin² x pàdé, ẹni tó fi u pààrọ̀ cos x á bá −½ cos² x pàdé, èmi tí mo gba ọ̀nà sin 2x sì bá tèmi pàdé.

Wọ́n tún fi ibi tí èmi fúnra mi ti jẹ̀bi hàn mí. N kò kọ sin x cos x = ½ sin 2x sílẹ̀ rárá. Mo fò láti orí ìbéèrè bọ́ sórí ìdáhùn. Ẹni tó ní ìwé bí igba níwájú tó ń máàkì kò ní jókòó máa wá ohun tó wà lọ́kàn mi.

Lẹ́yìn náà la wo (b), ibẹ̀ sì ni ojú ti tì mí. Ìbéèrè náà ni ∫ x(x² + 1)³ dx láti 0 dé 2. Mo fi u pààrọ̀ x² + 1, mo dé ⅛u⁴ láìsí ìṣòro, ṣùgbọ́n mo fi 0 àti 2 sí ipò u. Ìdáhùn mi wá jẹ́ 2. Nígbà tí x bá jẹ́ 0, u jẹ́ 1. Nígbà tí x bá jẹ́ 2, u jẹ́ 5. Nítorí náà, ⅛(625 − 1) ni, 78 ni ìdáhùn. Ó yẹ kí n ti fura: tí x bá jẹ́ 1, ohun tó wà nínú ìbéèrè náà ti jẹ́ 8, ó sì ń ga sí i títí dé 2. Láàárín 1 sí 2 nìkan, ó ti ju 8 lọ. Ká ní mo fi lẹ́tà àkọ́kọ́ yẹn ránṣẹ́, mo ti fi ẹ̀rí ta ko ara mi, olùkọ́ ì bá sì ka (b), kó má tilẹ̀ gba (a) gbọ́ mọ́.

A fa lẹ́tà yẹn ya, a kọ òmíràn. Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi kọ ọ́, ṣùgbọ́n ohun tó wà níbẹ̀ nìyí:

"Olùkọ́ wa, ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Akẹ́kọ̀ọ́ yín ọdún kìíní ni mí; orúkọ àti nọ́ńbà mátíríìkì mi wà nísàlẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìbéèrè 2(a) nínú tẹ́ẹ̀sì wa ni mo bá wá, níbi tí mo ti gba máàkì 1 nínú 5.

Ìdáhùn mi ni −¼ cos 2x + C. Èyí tí wọ́n kọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni ½ sin² x + C. Nígbà tí mo lo cos 2x = 1 − 2 sin² x, mo rí i pé

−¼ cos 2x + C = ½ sin² x + (C − ¼)

Ó jọ pé kọ́ńsítáǹtì nìkan ni wọ́n fi yàtọ̀. Mo mọ̀ pé n kò kọ ìgbésẹ̀ sin x cos x = ½ sin 2x sílẹ̀, èyí sì lè mú kí iṣẹ́ mi ṣòro láti tọpasẹ̀. Tó bá rọ̀ yín lọ́rùn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tún ibẹ̀ wò. Tó bá jẹ́ èmi ni mo ṣì í, mo fẹ́ mọ ibi tí mo ti ṣìnà. Mo fi àwòrán ojú ewé náà ránṣẹ́ pẹ̀lú lẹ́tà yìí. Ẹ ṣeun, sà."

"Ẹ yọ máàkì mi" ni mo kọ́kọ́ kọ. Àǹtí mi ní kí n fi "mo gba máàkì 1" rọ́pò rẹ̀, nítorí ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ẹlòmíràn ló bá olùkọ́ máàkì. Wọ́n tún ní kí n má dárúkọ iye tí mo fẹ́ kí wọ́n fún mi.

Nígbà tí olùkọ́ pè mí sí ọ́fíìsì, wọ́n ti ṣí ìwé mi sílẹ̀. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni wọ́n bi mí: "Fi 0 sí ipò x nínú méjèèjì. Kí ló dé tí wọn ò dọ́gba?" Mo ṣàlàyé −¼ yẹn fún wọn. Wọ́n fi máàkì 3 kún un, wọ́n di 1 mú nítorí ìgbésẹ̀ tí mo fò, máàkì mi sì di 14. Kí n tó jáde, wọ́n bi mí bóyá mo mọ ẹlòmíràn tó gba ọ̀nà mi. Mo dárúkọ ọ̀rẹ́ mi kan. Wọ́n yọ ìwé rẹ̀ láàárín àwọn tí ẹnikẹ́ni kò tíì wá gbà: −¼ cos 2x ló kọ lóòótọ́, ó tilẹ̀ kọ ìgbésẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò kọ C. Wọ́n fún un ní 4.