Bákódù ló ń dá fáìlì ọjà yín padà

Iṣẹ́ mi ní Wuse, Abuja, ni kí n gba àkọsílẹ̀ ọjà lọ́wọ́ àwọn onísọ́ọ̀bù, kí n tò ó sínú fáìlì CSV, kí n sì da ẹgbẹẹgbẹ̀rún rẹ̀ sórí ìkànnì ìtajà lẹ́ẹ̀kan náà. Nínú gbogbo ohun tí ìkànnì fi ń dá fáìlì padà, bákódù ló ń jẹ mí lógún jù.

Bákódù tí wọ́n bá gbà ní Nàìjíríà máa ń fi 615 bẹ̀rẹ̀, nọ́ńbà 13 sì ni. Bí ẹ bá kàn fi Excel ṣí fáìlì náà, á kà á sí iye, á sì gé e kúrú. Ẹ wo 6151130041273 àti 6151130024184. Ọjà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n, àmọ́ àwọn méjèèjì á di:

```
6.15113E+12
```

Bí ẹ bá tọ́jú rẹ̀ báyẹn, ohun tí ẹ rí yẹn gan-an ló wọ inú fáìlì. Alhaja kan tó ń ta ohun ìpara pè mí tìbínú-tìbínú: "Ìkànnì ní mo kọ ọjà kan lẹ́ẹ̀mejì. Ọmọ mi, ṣé ọṣẹ àti ìpara wá jọra ni?" Ọmọ tó ń bá a ṣiṣẹ́ ti gbìyànjú: ó yí òpó náà sí Number, gbogbo rẹ̀ wá di 6151130000000. Ìyẹn náà kò lè kọjá níbi tí wọ́n bá ti ń yẹ bákódù wò, nítorí nọ́ńbà ìkẹyìn ló ń jẹ́rìí àwọn 12 tó ṣáájú. Ẹ fi 1 sọ nọ́ńbà kìíní di púpọ̀, ẹ fi 3 sọ ìkejì, ẹ máa pààrọ̀ wọn bẹ́ẹ̀ lọ, kí ẹ wá ro wọ́n pọ̀: 6+3+5+3+1+9 jẹ́ 27. Iye tó kàn tí a lè fi 10 pín ni 30. Ó ku 3 kó pé e, nítorí náà 3 ló yẹ kó gbẹ̀yìn, kì í ṣe 0.

Nọ́ńbà tó ti sọnù kò ṣeé wá nínú fáìlì yẹn mọ́. Àkọsílẹ̀ àkọ́kọ́ ni mo ní kí Alhaja fi ránṣẹ́. LibreOffice ni mo fi ṣí i, torí ó máa ń béèrè kó tó ṣí fáìlì CSV. Mo tẹ orí òpó bákódù, mo yan `Text`, mo sì fi `Character set` sí `Unicode (UTF-8)`. Ẹ má fojú kéré èyí kejì o: CSV lásán láti Excel lè sọ "Ọṣẹ dúdú" di "??? dúdú".

Mo yọ kómà àti ₦ kúrò lára owó, 12500 péré. Mo kọ́kọ́ gbé ìlà mẹ́wàá lọ. Nígbà tí ìyẹn kọjá, mo da ìyókù sí i. Bí ẹ bá fẹ́ yẹ fáìlì wò kí ẹ tó fi ránṣẹ́, Notepad ni kí ẹ lò. Bí ẹ bá tún fi Excel ṣí i tí ẹ sì tọ́jú rẹ̀, bákódù á tún gé.