Kọ́mà Hamburg, pọ́ìǹtì Ìbàdàn

Ní Ìbàdàn, bí mo bá rí 1,250.00 lórí rìsíìtì, mo mọ̀ pé ẹgbẹ̀fà ó lé àádọ́ta náírà ni. Ní Hamburg tí mo ń gbé báyìí, 1.250,00 ni wọ́n kọ sínú ìwé owó ilé mi. Pọ́ìǹtì ló ń pín ẹgbẹ̀rún níbí, kọ́mà ló sì ń ṣáájú ìdá. Ojú mi ti mọ́ ọn. Ní ti déètì, ọjọ́ ló ń ṣáájú oṣù níbi méjèèjì, àmọ́ ohun tí a ń kọ ní 2/5 nílé, 2.5 ni wọ́n ń kọ ọ́ ní Jámánì. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti wọlé.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń ta èlùbọ́ ní Bódìjà, èmi ni mo ń bá a ṣírò. Ní oṣù Karùn-ún 2024, ó fi kílò àpò mẹ́ta ránṣẹ́ sí mi lórí Wọ́sáàpù, ọ̀kọ̀ọ̀kan lórí ìlà tirẹ̀:

```
2.5
35.5
40
```

Mo dà á kọ sínú Excel mi tó ń lo ètò Jámánì. Nígbà tí mo ní kí àròpọ̀ jáde ní nọ́ńbà lásán, 45454 ni mo rí. Mo pè é kíákíá. Ó ní, "Àpò mẹ́ta péré ni, àbúrò mi. Tún un wò." Mo ní, "Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n mi, mò ń wò ó."

Mo wá wo àwọn àpótí náà lọ́kọ̀ọ̀kan. 2.5 ti di `02. Mai`, ìyẹn ọjọ́ kejì oṣù Karùn-ún. Iye ọjọ́ tí Excel ń kà láti ìbẹ̀rẹ̀ 1900 ló fi ń tọ́jú déètì, nọ́ńbà ọjọ́ yẹn sì jẹ́ 45414. 35.5 kò lè jẹ́ déètì, torí kò sí ọjọ́ karùndínlógójì nínú oṣù kankan. Ó di ọ̀rọ̀ lásán, ó fara ti apá òsì àpótí, àròpọ̀ sì fò ó. 40 nìkan ló wọlé bó ṣe yẹ. Kílò 78 ló yẹ kó jẹ́.

Èyí tó dùn mí jù ni pé bí mo ṣe yí àpótí àkọ́kọ́ padà sí nọ́ńbà, 45414 ló wà níbẹ̀. 2.5 ti lọ pátápátá. Àfi kí n tún un dà kọ.

Kí n tó tún un dà kọ, mo ṣí `Datei > Optionen > Erweitert`, mo yọ àmì kúrò níwájú `Trennzeichen vom Betriebssystem übernehmen`, ìyẹn àṣàyàn tó ń mú kí Excel lo àmì tí kọ̀ǹpútà ń lò, mo fi pọ́ìǹtì sí ti ìdá, kọ́mà sí ti ẹgbẹ̀rún. 78 jáde.

Láti ìgbà náà, fáìlì `.xlsx` ni ẹ̀gbọ́n mi ń fi ránṣẹ́ dípò ọ̀rọ̀ Wọ́sáàpù. Nínú fáìlì yẹn, nọ́ńbà gan-an ni Excel tọ́jú. Kọ̀ǹpútà kálukú ló ń yan àmì tí yóò fi hàn án. 2.5 ni òun ń rí ní Bódìjà, 2,5 ni mo máa ń rí bí mo bá dá ètò Jámánì mi padà.