Nọ́ńbà funfun ara ọkọ̀ ojú omi
Lánàá ní èbúté Àpápá, mo dúró ti ọ̀gá kan tó ń ka nọ́ńbà funfun tó wà níwájú ọkọ̀ ńlá tó kó àlìkámà dé. Nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan ga ní sẹ̀ǹtímítà 10, àlàfo àárín wọn náà sì jẹ́ 10. Ìsàlẹ̀ nọ́ńbà ni wọ́n ń kà: bí omi bá kan ìsàlẹ̀ 8M, mítà 8 ọkọ̀ náà ló wà nínú omi.

Irin fẹ́rẹ̀ẹ́ wúwo ju omi lọ ní ìlọ́po mẹ́jọ, ṣùgbọ́n inú ọkọ̀ ṣófo. Bó ṣe ń wọnú omi ló ń ti omi kúrò lọ́nà, omi náà sì ń tì í sókè. Níbi tí ìwúwo omi tó tì kúrò bá ti dọ́gba pẹ̀lú ìwúwo ọkọ̀ àtẹrù rẹ̀, ibẹ̀ ló máa dúró sí.

Ká ní ọkọ̀ náà gba 5,000 mítà onígun mẹ́rin lójú omi. Kó tó lè fi sẹ̀ǹtímítà kan rì sí i, ẹrù tó máa wọ̀ ọ́ gbọ́dọ̀ tó nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 51. Torí náà, bí wọ́n bá já tọ́ọ̀nù 1,000 àlìkámà, á gbéra sókè ní bíi sẹ̀ǹtímítà 20: odidi nọ́ńbà kan àti àlàfo kan á yọ síta. Mo wò ó títí, ó wù mí gan-an.

Omi ọ̀sà tó dà pọ̀ mọ́ òkun kò wúwo tó omi òkun gidi, nítorí náà ọkọ̀ máa ń rì díẹ̀ sí i níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ọ̀gá náà fi kọ́kọ́ fa omi sínú ike, tó wọn ìwúwo rẹ̀, kó tó ṣírò ẹrù.