Omi àjẹsára òròmọdìẹ: ẹ̀kọ́ fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀

Ẹ̀yin àbúrò wa tẹ́ ẹ ń sin adìẹ lẹ́yìnkùlé n'Íjẹ̀bú àti Rẹ́mọ, kí ẹ tó kó òròmọdìẹ wọlé, ẹ kọ ọjọ́ àjẹsára sára ògiri ilé adìẹ. Ká ní adìẹ ẹran 100 lẹ kó wọlé ní ọjọ́ 1 oṣù kẹfà, lọ́jọ́ tí wọ́n jáde nínú ẹyin gan-an. Ọjọ́ 7, àjẹsára àrùn Gọ́mbórò. Ọjọ́ 14, Lasóta, àjẹsára tó ń dènà àrùn Newcastle. Ọjọ́ 21, Gọ́mbórò lẹ́ẹ̀kejì. Ọjọ́ 28, Lasóta lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ bi ẹni tó tà wọ́n fún yín nípa èyí tí wọ́n ti fún wọn níbẹ̀, kí dókítà ẹranko àdúgbò yín sì yẹ ètò náà wò.

Ẹ má fo ẹlẹ́ẹ̀kejì. Ìyá adìẹ máa ń fi ohun tó ń gbógun ti àrùn sílẹ̀ sára ọmọ láti inú ẹyin, ohun náà sì lè pa oògùn àkọ́kọ́ kó má ṣiṣẹ́. Bó bá fi máa di ọ̀sẹ̀ kẹta, ti ìyá ti ń tán lára wọn, Gọ́mbórò sì ń wá irú wọn kiri.

Ìfúnni gan-an ló ń ba nǹkan jẹ́ jù, nítorí kòkòrò tó wà láàyè ló wà nínú ìgò yẹn. Ooru ń pa á, ọṣẹ ń pa á, oògùn tí wọ́n ń dà sómi ẹ̀rọ náà ń pa á. Bẹ́ ẹ bá rà á n'Íjẹ̀bú-Òde tẹ́ ẹ sì ń lọ sí Àgọ́-Ìwòyè, inú kúlà oníyìnyín ni kó wà títí dé ilé.

Láàárọ̀ ọjọ́ 14, ẹ kó omi kúrò níwájú wọn láago mẹ́fà, ṣùgbọ́n ẹ fi oúnjẹ sílẹ̀, kí òùngbẹ lè gbẹ wọ́n. Omi lásán, láìsí ọṣẹ, ni kí ẹ fi fọ abọ́ ìmumi. Ẹ wọn omi kànga tó mọ́ lítà méjì, ẹ po mílíìkì oníyẹ̀fun tí kò lọ́ràá, gíráàmù 5, mọ́ ọn, kí ẹ fi í sílẹ̀ fún ìdajì wákàtí. Mílíìkì yẹn ló ń dáàbò bo oògùn. Láago méje, ẹ ri ìgò náà sínú omi yẹn kí ẹ tó ṣí i, ẹ rò ó pọ̀, kí ẹ sì pín in sí abọ́ mẹ́rin. Bí abọ́ bá kéré níye, àwọn tó lágbára á mu tiwọn tán, wọ́n á sì mu ti àwọn tí kò lágbára. Ẹ rọra máa rìn láàárín wọn kí àwọn tó jókòó lè dìde wá mu.

Kó tó di aago mẹ́sàn-án, ó yẹ kó ti tán. Bó bá ṣẹ́ kù, omi ti pọ̀ jù tàbí òùngbẹ ò gbẹ wọ́n tó. Bó bá tán láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó ti kéré jù, àwọn kan ò sì mu rárá. Oògùn adìẹ 100 ò tó adìẹ 120: ẹ ra ti adìẹ 200, kí ẹ sì da ìyókù nù, torí kò ṣeé gbé dọ̀la.

Ẹ má ṣe fún èyí tó ń ṣàìsàn. Lẹ́yìn Lasóta, wọ́n lè máa sín díẹ̀ fọ́jọ́ mélòó kan. Bó bá le sí i tàbí tí wọn ò jẹun, ẹ pe dókítà.