Owó ta ni mò ń gbà ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀?

Mo ń wọn àǹkárá fún oníbàárà ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Gbági, n'Ìbàdàn, nígbà tí álẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́ wọlé: ₦10,000. Mo ti fi ₦100,000 sílẹ̀ lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ ìdókòwò kan, wọ́n sì ní ìdá mẹ́wàá rẹ̀ ni n ó máa gbà ní gbogbo Jímọ̀. Nígbà tó wọlé lẹ́ẹ̀kẹta, mo fi fóònù han àǹtí mi tó ń ta òwú àti bọ́tìnnì lódìkejì. Owó àjọ rẹ̀, ₦200,000, ló kó fún wọn. Wọ́n fún mi ní ₦20,000 pé èmi ni mo mú un wá.

Wọ́n ní góòlù làwọn ń rà tí àwọn ń tà. Irọ́ ni, kò sí ọjà kankan níbẹ̀.

Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Ká ní ènìyàn 100 mú ₦100,000 wá, mílíọ̀nù 10 nìyẹn, mílíọ̀nù kan ni wọ́n sì máa san lọ́sẹ̀. Bí ẹni tuntun ò bá dé, ọ̀sẹ̀ 10 lowó náà tán. Oníkálukú á kàn gba owó ara rẹ̀ padà. Bí ẹni tó dá a sílẹ̀ bá wá ti kó mílíọ̀nù 10 yẹn sápò, ènìyàn tuntun 10 gbọ́dọ̀ wọlé lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ kó tó rí owó san. Àwọn 10 yìí náà ń retí tiwọn, ló bá di 11 lọ́sẹ̀ kejì. Ó dà bí nǹkan kékeré, àbí? Tó bá ń lọ bẹ́ẹ̀, láàárín ọdún kan gbogbo àwọn tó ti wọlé lápapọ̀ á lé ní 14,000, lọ́dún kejì wọ́n á lé ní mílíọ̀nù 2. Ibo la ti fẹ́ rí wọn? Ọ̀sẹ̀ tí àwọn tó ń wọlé bá ti dín, owó sísan dúró nìyẹn.

Kì í ṣàdédé dúró, ó máa ń fi ara hàn. Tiwa kọ́kọ́ sún Jímọ̀ sí ọjọ́ Ajé, wọ́n ní àwọn ń tún ẹ̀rọ ṣe. Wọ́n tún ní ẹni tí kò bá gba owó rẹ̀ á jẹ èlé sí i. Níkẹyìn, wọ́n ní ká sanwó ká tó lè gbowó. Ẹni tó bá rántí MMM, ètò sọwó-di-púpọ̀ ìgbà yẹn, ní oṣù Kejìlá 2016, tí wọ́n ti owó mọ́ àwọn èèyàn lọ́wọ́ lójijì, wọ́n ní oṣù kan péré ni, á mọ ohun tí mò ń sọ.

Ìwé CAC tí wọ́n gbé kọ́ sára ògiri ló tàn mí jù. Pé wọ́n forúkọ ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba nìyẹn fìdí rẹ̀ múlẹ̀, kò fún wọn láṣẹ láti gba owó ará ìlú fún ìdókòwò. SEC, àjọ ìjọba tó ń mójú tó ìdókòwò, ló ń fún ni níyẹn, ẹ sì lè wá orúkọ wọn lórí sec.gov.ng kí ẹ tó fowó sílẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀mẹjọ ni mo gbowó kó tó dúró, ₦80,000. Ẹ fi ₦20,000 tí mo gbà lórí àǹtí mi kún un, owó mi pé, kọ́bọ̀ kan ò dín. Àǹtí mi gba ₦100,000 péré, ₦100,000 sì wọgbó. Kò fi ẹnu kàn mí rí. Mò ń san án fún un ní ₦10,000 lóṣooṣù, ó ku oṣù mẹ́rin.