Owó tó ń lọ sílé, owó tó ń dúró síbí

Ohun tó yàtọ̀ jù láàárín ilé àti òkèèrè tí mo wà yìí, lójú tèmi o, bí owó ṣe ń wọlé àti bó ṣe ń jáde ni. Nílé, díẹ̀díẹ̀ ló ń wọlé, díẹ̀díẹ̀ náà ló ń jáde, bàbá mi rí nǹkan lónìí, wọ́n ná an lónìí, ọ̀la á mójú tó ara ẹ̀. Tí nǹkan bá wá ṣẹlẹ̀ lójijì, èèyàn ni wọ́n máa ń sáré lọ bá, bóyá ẹ̀gbọ́n, bóyá aládùúgbò, ẹni yẹn náà á sì wá bá àwọn lọ́jọ́ mìíì. Níbí ẹ̀wẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan lóṣù lowó ń wọlé, kí n sì tó rí i sójú ni ìjọba ti yọ táàsì tiwọn, rẹ́ǹtì á yọ fúnra ẹ̀, iná á yọ, fóònù á yọ, gbogbo wọn ló ní ọjọ́ tiwọn. Tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ sí mi níbí, mi ò lẹ́ni tí mo fẹ́ sáré lọ bá, àkáǹtì mi nìkan ni mo ní.

Ibi tí ìjà ti ń bẹ̀rẹ̀ gan-an nìyẹn. Àwọn ará ilé máa ń gbọ́ iye owó oṣù èèyàn, wọ́n á sì sọ ọ́ di owó tí wọ́n ń ná nílé lójú ẹsẹ̀, ó sì máa ń pọ̀ lóòótọ́. Rẹ́ǹtì ni ẹnikẹ́ni kì í bá èèyàn sọ di owó tí wọ́n ń ná nílé. Lọ́jọ́ kan tí màmá mi bi mí pé "ṣé gbogbo iye yẹn ni wọ́n ń kó fún ẹ lóṣooṣù?", mo ní ẹ dúró ná Mọ̀ọ́mì, mo wá ṣírò rẹ́ǹtì mi sí owó tiwọn, mo kà á fún wọn lórí fóònù. Wọn ò sọ nǹkan kan fúngbà díẹ̀, wọ́n wá ní "ilé wo lò ń gbé tí wọ́n ń gba iye yẹn lọ́wọ́ ẹ, ṣé ìwọ nìkan lo wà níbẹ̀ ni?" Látìgbà yẹn, àdúrà tí wọ́n ń gbà fún mi ti yàtọ̀, wọ́n ti ń fi onílé kún un.

Èmi ò sí lára àwọn tó ń sọ pé kéèyàn má fi owó ránṣẹ́ o. Àwọn òbí tí kò ṣiṣẹ́ ìjọba, tí kò sí iléeṣẹ́ tó ń san nǹkan fún wọn lẹ́yìn ìfẹ̀yìntì, owó tí ọmọ wọn ń fi ránṣẹ́ ni pẹ́ńṣọ̀n wọn, kò sí òmíì. Tó bá wá jẹ́ pé pẹ́ńṣọ̀n ni, ó yẹ kó rí bíi pẹ́ńṣọ̀n: ọjọ́ kan náà lóṣù, iye kan náà, kó má jẹ́ pé ẹni tó bá kígbe jù ló ń rí gbà. Ọ̀pọ̀ wa kì í ṣe é báyẹn. Ìgbà tí wọ́n bá pè la máa ń fi ránṣẹ́, tí wọn ò bá pè a ò ní fi ránṣẹ́, àwọn òbí sì ti mọ̀, wọ́n á pè. Èyí tó ń ná èèyàn lówó jù nínú gbogbo ètò nìyẹn, ẹ jẹ́ n fi nọ́ńbà ṣàlàyé.

Ká ní ohun tó ń wọ àkáǹtì ẹnì kan lóṣù lẹ́yìn táàsì jẹ́ 2,000, owó ìlú yòówù kó jẹ́. Rẹ́ǹtì, oúnjẹ, ọkọ̀, iná àti fóònù kó 1,300 lọ, ó ku 700. Nínú ẹ̀, 200 lọ fáwọn òbí, 350 wọ ìpamọ́ tiẹ̀, 100 ni kó fi gbádùn ara ẹ̀, 50 tó kù wá ni èyí tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, torí òun lọ̀pọ̀ èèyàn kì í yọ. Àpò pàjáwìrì àwọn òbí ni. Àkáǹtì kékeré tó dá dúró ni, ọ̀dọ̀ ẹni tó wà lókèèrè ló wà, kì í fọwọ́ kàn án fún nǹkan tiẹ̀, kì í sì í fi ránṣẹ́ tí kò bá sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Tí òrùlé bá ń jò lóṣù karùn-ún, tí àtúnṣe ẹ̀ jẹ́ 180, oṣù mẹ́rin ti kó 200 jọ síbẹ̀, ó yọ ọ́ níbẹ̀, 350 tó jẹ́ tiẹ̀ ò mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Ẹni tí kò ní àpò yẹn, inú ìpamọ́ ló ti máa yọ 180, oṣù tó tẹ̀ lé e á tún yọ nǹkan mìíì, tó bá di òpin ọdún á máa wo àkáǹtì pé ṣebí mò ń tọ́jú owó. Mo sọ fáwọn òbí mi pé àpò yẹn wà o, mi ò sọ iye tó wà níbẹ̀. Àwọn kan máa ní ìyẹn ò dáa, àmọ́ èmi mọ ilé wa, tí wọ́n bá gbọ́ iye ẹ̀, òrùlé aládùúgbò náà á bẹ̀rẹ̀ sí í jò.

Ó tún ku owó tí àwọn tó ń báni fi owó ránṣẹ́ ń gbà. Tí wọ́n bá ń gba 5 lórí ìkọ̀ọ̀kan, tó o wá pín 200 yẹn sí ọ̀nà mẹ́rin torí pé wọ́n ń pè ẹ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, 20 ló ti lọ, tó o bá fi ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan, 5 péré ni. Àmọ́ èyí tó hàn síta nìyẹn. Inú réètì ni èyí tó fara pa mọ́ wà. Wọ́n á kọ ọ́ gàdàgbà pé ọ̀fẹ́ ni, pé wọn ò gba kọ́bọ̀, ká wá ní réètì tó wà lọ́jà lọ́jọ́ yẹn jẹ́ 100 owó ilé sí 1 tìbí, 97 làwọn máa fún ẹ. Lórí 200, 600 owó ilé ti dọ̀fẹ́ tiwọn nìyẹn, ìyẹn 6 tìbí. Ẹlòmíì gba 2 ní gbangba ṣùgbọ́n réètì tiẹ̀ jẹ́ 99.5, 3 péré lo pàdánù lọ́dọ̀ ẹni tó ní òun ń gba owó. Torí náà mi ò kì í wo ohun tí wọ́n kọ pé àwọn ń gbà mọ́, mo máa ń tẹ iye kan náà sínú ápù méjì tàbí mẹ́ta, mo á wá wo iye tó máa débẹ̀ níparí, ibi tó bá pọ̀ jù ni mo ń lọ. Lọ́dún 2015, Àjọ Ìṣọ̀kan Orílẹ̀-èdè Àgbáyé fi í sára àfojúsùn wọn pé tó bá fi máa di 2030, kí owó tí wọ́n ń gbà lórí irú ìfowóránṣẹ́ yìí má ju 3 nínú 100 lọ. Báńkì Àgbáyé tó ń wọ̀n ọ́n sì fi hàn pé lọ́dún 2024, ìpíndọ́gba ẹ̀ káàkiri ayé ṣì ju 6 nínú 100 lọ fẹ́ni tó ń fi 200 dọ́là ránṣẹ́, báńkì gan-an ló sì máa ń wọ́n jù.

Ọ̀rọ̀ mìíì tó máa ń dá ìjà sílẹ̀ ni pé owó ìlú wo lẹ fi ṣàdéhùn. Tó o bá sọ fún bàbá ẹ pé 20,000 owó ilé lóṣooṣù, tí owó ilé wá já wálẹ̀ débi tí 1 tìbí di 200, 100 péré ni wàá máa yọ báyìí, ó dùn mọ́ ẹ, àmọ́ ọjà á gbówó lórí nílé, 20,000 yẹn ò ní ra ohun tó ń rà mọ́, wọ́n á sì pè ẹ́. Tó bá jẹ́ 200 tìbí lo ṣàdéhùn ẹ̀, 40,000 ni wọ́n máa rí gbà, owó ọjà kì í sì í gòkè lọ́jọ́ kan náà tí réètì yí padà, ó máa ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn ni, torí náà fún oṣù díẹ̀ owó á ṣẹ́ kù sí wọn lọ́wọ́, kí gbogbo ẹ̀ tó tún lé wọn bá. Èmi fara mọ́ èyí kejì. Mo mọ ohun tó ń jáde lọ́wọ́ mi lóṣù, mo lè fi ṣètò, lẹ́ẹ̀kan lọ́dún la sì máa ń jókòó lórí fóònù ka ohun tí wọ́n ń ná gan-an, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru Mọ̀ọ́mì, oúnjẹ, iná, ká wá rí i bóyá ó ṣì tó. Láàárín ọdún, kò sí àfikún, àpò pàjáwìrì ló ń dáhùn. (Ó máa ń le láti sọ bẹ́ẹ̀ fún bàbá ẹni, mo mọ̀. Ìyá ló rọrùn láti bá sọ ọ́, àwọn ló máa bá ẹ sọ fún bàbá.)

Ẹ wá jẹ́ ká dé orí 350 tó ń wọ ìpamọ́. Kí ó tó di owó ilẹ̀ tàbí owó ilé tàbí owó ilé-ìwé ọmọ, ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kéèyàn kó jọ ni owó tí èèyàn lè fi gbé oṣù mẹ́ta tí iṣẹ́ bá bọ́. Ní ọ̀pọ̀ ìlú, ìwé tó ní kó o wá ṣiṣẹ́ so mọ́ ẹni tó gbà ẹ́ síṣẹ́, tí wọ́n bá dá ẹ dúró, ọjọ́ díẹ̀ ni wọ́n fún ẹ láti rí òmíì tàbí kó o máa lọ. Àwọn èèyàn máa ń ṣírò oṣù mẹ́ta yẹn pẹ̀lú 1,300 nìkan, ìyẹn 3,900. Kò pé. Àwọn òbí ò ní dá oògùn dúró torí pé wọ́n dá ẹ dúró níbi iṣẹ́, torí náà 200 lọ́nà mẹ́ta gbọ́dọ̀ wọ̀ ọ́, ó di 4,500. Pẹ̀lú 350 lóṣù, bí oṣù mẹ́tàlá nìyẹn, tó bá jẹ́ pé kò sí ohun tó ń yọ ọ́ lọ. Lẹ́yìn ìyẹn ni 350 kan náà wá lè máa lọ sórí ohun tó wù ẹ́.

Béèyàn ṣe máa mọ̀ pé 200 yẹn ti ju agbára ẹ̀ lọ, kì í ṣe ọjọ́ tó fi ránṣẹ́ ló máa mọ̀ ọ́n, inú èèyàn máa ń dùn lọ́jọ́ yẹn. Ọ̀sẹ̀ kẹta oṣù ni kó wò. Tó bá ti ń ná káàdì tó ń yáni lówó kí owó oṣù tó wọlé, tàbí tó jẹ́ pé 350 wọ ìpamọ́ ní ọjọ́ kìíní, 200 ti padà jáde nínú ẹ̀ kó tó di ogúnjọ́, á jẹ́ pé káàdì yẹn ló ń bọ́ àwọn òbí, pẹ̀lú èlé lórí, tàbí kó jẹ́ ìpamọ́ ẹ̀. Ó sàn kó dín in sí 150, kó sọ ọ́ fún wọn lẹ́ẹ̀kan ṣáájú, kó sì máa lọ déédéé, ju kó fi 200 ránṣẹ́ lóṣù méjì kó wá di ẹni tí kì í gbé fóònù lóṣù kẹta. Tí àbúrò bá wà nílé tó ti ń rí owó díẹ̀, ohun kan pàtó ni kẹ́ ẹ fi lé e lọ́wọ́, kì í ṣe pé "kí ìwọ náà máa ṣe nǹkan". Àbúrò mi ló ń san iná báyìí, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ, àmọ́ tí iná bá ti lọ, èmi kọ́ ni wọ́n ń pè.